Lógò Tí A Pa Rẹ́ Nínú Fọ́tò Ọjà

  

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ọjà ni mo mú wá lónìí. Wharf Road ni ọ̀pọ̀ ẹrù ń gbà jáde láti èbúté Àpápá wọ ìgboro Èkó. Kí tirélà tó gbé kọ̀ǹténà tó dé ibi tí wọ́n ti máa tú u, ẹni tó ni ọjà ti ń wá oníbàárà. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹténà, fóònù ló kọ́kọ́ ń jáde lápò. Wọ́n á ya firíìjì, wọ́n á ya jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ya ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n á sì fi í sórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ti ń sanwó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó fojú kan ọjà fúnra wọn. Fọ́tò yẹn nìkan ni wọ́n rí.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ta irú ọjà báyìí máa ń bèèrè. Wọ́n á ní: ṣé kò ní dáa kí a pa lógò ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà rẹ́ nínú fọ́tò, kí wọ́n má baà pè wá lẹ́jọ́ pé a lo orúkọ wọn? Ìbẹ̀rù òfin ló bí ìbéèrè yẹn, kò sì burú kéèyàn bẹ̀rù òfin. Àmọ́ ibi tí wọ́n rò pé ewu wà kọ́ ni ewu wà. Ẹni tó fi lógò hàn bó ṣe wà lára ojúlówó ọjà tó ń tà kò ní púpọ̀ láti bẹ̀rù. Ẹni tó pa á rẹ́ kó tó polówó ọjà ló yẹ kó ṣọ́ra.

Ọdún 1965 ni wọ́n ṣe òfin àmì òwò tí a ń lò ní Nàìjíríà. Àmì òwò, tí àwa ará ọjà ń pè ní tiréèdìmáàkì, ni orúkọ tàbí lógò tí ilé iṣẹ́ fi ń jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé òun ló ṣe ọjà kan. Bí ilé iṣẹ́ bá ti forúkọ àmì náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, abala 5 òfin yẹn sọ pé òun nìkan ló lè lò ó fún irú ọjà tó tìtorí ẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹlòmíràn tó bá lò ó, tàbí tó lo èyí tó jọ ọ́ débi tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà, ti rú òfin, ì báà jẹ́ ara ọjà ló kọ ọ́ sí, ì báà jẹ́ inú ìpolówó.

Abala yẹn kan náà ló dá ẹni tó ń ta ojúlówó ọjà sí. Bí ó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ni àmì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà, tí kò sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tó wá ń ta ọjà yẹn gan-an lè fi àmì náà pè é. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ fi lè kọ Toyota sára pátákó tó fi síwájú mọ́tò náà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gbé lógò yẹn gàgàrà sójú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lọ máa rò pé ilé iṣẹ́ náà ló fún un láṣẹ láti máa ṣojú fún wọn. Ìyẹn ti kúrò ní pípe ọjà lórúkọ rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé firíìjì kan yẹ̀ wò, ká ro ó bí ó ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀gbọ́n kan ní Boundary ní Ajégúnlẹ̀ ra firíìjì tòkunbọ̀ kan tó ti Amẹ́ríkà wá. Ó ti kun ún lọ́dà tuntun, ó ti pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ wàhálà, ó wá gbé fọ́tò firíìjì náà sínú Snapseed. Ó tẹ Tools, ó yan Healing, ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà títí lẹ́tà lógò fi tóbi lójú rẹ̀, ó wá ń fi ìka kan tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìka bá kàn, áàpù náà á mú àwọ̀ àti ìrísí ibi tó wà nítòsí, á fi bò ó. Bí ó bá fi ìkánjú fa ìka lórí gbogbo lógò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, áàpù lè lọ mú ọwọ́ ilẹ̀kùn wá lẹ̀ mọ́ àárín firíìjì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń tọ́ ọ ní kékeré, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, tí á sì tọ́jú fọ́tò àkọ́kọ́ sọ́tọ̀.

Bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ṣe tó, iṣẹ́ náà máa ń tú ara rẹ̀ fó. Ara firíìjì funfun kì í funfun bákan náà jálẹ̀. Apá tó kọjú sí ojú fèrèsé máa ń mọ́ ju apá kejì lọ, nítorí náà ibi tí lógò wà tẹ́lẹ̀ á yọ bí àbààwọ́n tí wọ́n fọ̀ tí kò lọ tán. Bó bá jẹ́ irin tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìlà á já lójijì, á tún bẹ̀rẹ̀ níwájú. Bó bá jẹ́ lẹ́tà tó yọrí síta, ó ní òjìji lábẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń pa lẹ́tà rẹ́ tí wọ́n á gbàgbé òjìji. Wọ́n tún ń gbàgbé táìlì ilẹ̀ tó ń dán, tí lógò náà hàn nínú rẹ̀ ní ìdoríkodò. Oníbàárà tó bá fura lè fẹ fọ́tò náà, kó fi iná kún un, gbogbo rẹ̀ á sì hàn sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà iṣẹ́ náà ló gbé mi débí. Ohun tí oníbàárà pàdánù ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ẹni tó mọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà módẹ́lì lè bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ firíìjì bóyá páàtì rẹ̀ wà lọ́jà. Lẹ́yìn firíìjì tàbí nínú rẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tí wọ́n kọ gbogbo èyí sí, títí kan iná tó ń lò àti irú gáàsì tó wà nínú rẹ̀. Iná 120V ni ọ̀pọ̀ firíìjì tí wọ́n ṣe fún ará Amẹ́ríkà ń lò, nígbà tó jẹ́ pé 230V ni tiwa níbí. Ẹni tó bá kì í bọ ojú iná láìlo tiráńsífọ́mà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló máa jó. Bí wọ́n bá kọ R600a sára lébẹ́ẹ̀lì náà, gáàsì tó ń gbiná nìyẹn, oníṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè gbé iná alurinmọ́rin sún mọ́ ọn. Lógò iwájú ni ojú ọ̀nà sí gbogbo ìwádìí yìí. Bí wọ́n bá pa á rẹ́ nínú fọ́tò, oníbàárà ò tiẹ̀ ní mọ ohun tó yẹ kí òun bèèrè.

Òfin mìíràn ló wá bójú tó èyí, ìyẹn òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ. Abala 116 kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni yí àmì òwò tó wà lára ọjà padà, kó bò ó, tàbí kó yọ ọ́ kúrò, lọ́nà tó fi máa tan oníbàárà jẹ. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìparí yẹn. Òfin kò sọ pé ẹni tó bá yọ lógò nìkan ti dẹ́ṣẹ̀. Ó ń wo ìtànjẹ. Lára ọjà gan-an ni abala yẹn ń sọ, kò dárúkọ fọ́tò, ṣùgbọ́n òfin kan náà tún lòdì sí ìpolówó tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà, fọ́tò tí a fi ń tajà sì ni ìpolówó.

Abala 117 tó tẹ̀ lé e wú mi lórí gan-an, nítorí ó dà bíi pé àwa ará Àpápá ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ọjà tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n pààrọ̀ inú rẹ̀, tó sì ṣì ní àmì òwò àkọ́kọ́ lára, òfin ní kí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ọn kedere pé wọ́n ti tún un ṣe. Òfin ò ní kí ẹ̀gbọ́n wa ní Boundary yọ lógò nítorí pé ó ti pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ó ní kó fi òótọ́ kún un.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ Yúróòpù tó bá èbúté mu débi pé kò yẹ kí n fò ó. Gbogbo wa la ń rí fọ́kílíìfù, ọkọ̀ oníforíkì tó ń gbé ẹrù gẹ̀gẹ̀ ní ọgbà èbúté. Ilé iṣẹ́ kan ní Belgium tó ń jẹ́ Duma ń ra fọ́kílíìfù Mitsubishi, ojúlówó, láti ìlú tí kò sí lára agbègbè òwò Yúróòpù. Wọ́n á gbé e pamọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí àwọn aṣọ́bodè, kó tó wọ ọjà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ gbogbo àmì Mitsubishi kúrò, tí wọ́n ń pààrọ̀ nọ́ńbà ara rẹ̀, tí wọ́n ń lẹ àmì tiwọn mọ́ ọn. Duma ní ẹnì kan ò lè sọ pé àwọn lo àmì òwò rẹ̀ nígbà tí àwọn ti yọ ọ́ kúrò. Lọ́jọ́ 25, oṣù Keje, 2018, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù tó wà ní Luxembourg sọ pé ẹni tó ni àmì lè dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní yíyọ àmì kúrò báyìí gba ẹ̀tọ́ tí ilé iṣẹ́ ní láti pinnu bí ọjà rẹ̀ ṣe máa kọ́kọ́ wọ ọjà Yúróòpù, ó sì gba iyì tí ì bá fi orúkọ rẹ̀ rí.

Ìdájọ́ yẹn kò de adájọ́ tiwa. Agbègbè òwò Yúróòpù ló ń sọ, ọjà tí wọn ò tíì tà níbẹ̀ rí ló sì dá lé, kì í ṣe tòkunbọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n mú un wá ni pé ó já irọ́ tó wà nídìí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé bí àmì bá ti kúrò, ọ̀rọ̀ àmì òwò náà ti kúrò nìyẹn. Adájọ́ ní rárá, yíyọ ọ́ lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá bí tìrẹ bá rọ́pò rẹ̀.

Rírọ́pò yìí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ajégúnlẹ̀ ní àwọn oníbàtà àti oníbáàgì tí ọwọ́ wọn dáńtọ́. Àwọn kan nínú wọn ń mú fọ́tò bàtà ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n á pa lógò ibẹ̀ rẹ́, wọ́n á kọ nọ́ńbà fóònù tiwọn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní: ẹ wá wo iṣẹ́ wa. Wọ́n gbà pé àwọn ti bọ̀wọ̀ fún òfin, nítorí pé àwọn ò fi orúkọ olórúkọ tajà. Ẹjọ́ kan wáyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1989 tó fi ibi tí wọ́n ṣìnà hàn. Ilé iṣẹ́ Bristol Conservatories ń kọ́ yàrá onígíláàsì tí wọ́n ń so mọ́ ilé. Àwọn tó ń tajà fún ilé iṣẹ́ mìíràn ń gbé fọ́tò àwọn yàrá tí Bristol kọ́ kiri, wọ́n ń fi í han oníbàárà bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn ni. Nílé ẹjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n lé Bristol jáde, wọ́n ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ náà padà. Wọ́n ní kò pọn dandan kí oníbàárà ti gbọ́ orúkọ Bristol rí. Ẹni tó bá fi fọ́tò iṣẹ́ ẹlòmíràn gba iṣẹ́ ti jí iyì onítọ̀hún.

Ẹ wá wò ó. Kò sí lógò kankan tí wọ́n ń jà lé lórí nínú ẹjọ́ yẹn. Ohun tí fọ́tò náà ń sọ ni wọ́n dájọ́ lé. Ilé ẹjọ́ tiwa kì í sábà kọ etí dídi sí irú ìdájọ́ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, nítorí inú òfin wọn ni òfin wa lórí àmì òwò ti hù jáde. Oníbàtà wa sì lè fi ọ̀nà méjì jẹ̀bi: ẹni tó ṣe bàtà lè bá a wí, ẹni tó ya fọ́tò náà lè bá a wí pẹ̀lú, torí òun ló ni àwòrán tó yà. Bó bá fẹ́ fi bàtà náà ṣe àpẹẹrẹ lásán, kó sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó dáa jù ni kó ya bàtà tó rán fúnra rẹ̀.

Ìgbà wo wá ni ó tọ́ ká pa lógò rẹ́? Nígbà tí ohun tó ní lógò kì í ṣe ohun tí à ń tà ni. Ìyá alásè kan fẹ́ polówó ìrẹsì àti ẹran rẹ̀, ìgò mínírà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Bí ó bá pa orúkọ ara ìgò rẹ́, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, ìrẹsì ló ń tà. Bó bá fi í sílẹ̀, kò rú òfin náà, àyàfi bó bá gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ìgò náà bá a dá òwò pọ̀. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé orúkọ nìkan kọ́ ni àmì. Láti 1915 ni wọ́n ti ya ìgò Coca-Cola oníbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹni tó bá fọwọ́ bà á nínú òkùnkùn lè mọ̀ ọ́n, ìrísí ìgò yẹn fúnra rẹ̀ sì ti di àmì òwò ní Amẹ́ríkà láti 1960. Ẹni tó bá pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ kò tíì pa ohunkóhun rẹ́. Kó gbé ìgò kúrò kó tó ya fọ́tò, ó yá ju gbogbo Healing lọ.

Ìrísí náà ní ààlà tirẹ̀ o. Ferodo tó ń ṣe páàdì bíréèkì pe Ibeto Industries lẹ́jọ́ níbí, wọ́n ní páálí bíréèkì Union tí ó ń tà jọ tàwọn jù. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ náà nù ní 2004. Ohun tí ilé iṣẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n wò, orúkọ méjèèjì ò sì jọra. Orúkọ Union tó hàn gbangba lára páálí ló ran Ibeto lọ́wọ́. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, orúkọ tó hàn ló ń gbani là, kì í ṣe èyí tí a fi pamọ́.

Àwọn kan á bi mí pé, tẹlifíṣọ̀n ńkọ́, ṣebí wọ́n máa ń bo lógò lójú? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nítorí ìpolówó ni wọ́n ṣe ń ṣe é, wọn ò fẹ́ polówó fún ẹni tí kò sanwó. Wọ́n sì ń bò ó lọ́nà tí ojú gbogbo ènìyàn fi máa rí i pé wọ́n bo nǹkan kan. Fọ́tò tí wọ́n fi nǹkan ṣú lójú ń jẹ́wọ́ pé nǹkan wà níbẹ̀ tí òun ò fi hàn. Èyí tí wọ́n fi Healing pa rẹ́ ń sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Ní tèmi, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ fi lógò pamọ́ lára ọjà tí ẹ fẹ́ tà, ẹ ṣú u lójú ní gbangba, ẹ má pa á rẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n wa ní Boundary, ẹ dá lógò firíìjì yẹn padà. Ẹ ya iwájú rẹ̀, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn rẹ̀ kó hàn kedere, kí ẹ sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: tòkunbọ̀ ni, a ti tún un kùn, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti àtilẹ̀wá, 120V ló ń lò, a kì í ṣe aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí lógò bá ti bọ́ kúrò lára firíìjì náà kí ẹ tó rà á, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má wá òmíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin oníbàárà, kí ẹ tó sanwó fún firíìjì tí kò ní orúkọ nínú fọ́tò, ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Bí lẹ́tà ilé iṣẹ́ kan bá sì dé bá yín lórí àmì òwò, ẹ má ṣe bá wọn jà lórí WhatsApp, ẹ má sì pa fọ́tò àkọ́kọ́ nù. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, fọ́tò tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn sì ni lọ́yà yín máa kọ́kọ́ bèèrè.